Fífojú Dá Ọjọ́ Iṣẹ́ Tí A Kò Ṣe Rí: Àlàyé Lórí Ìfojúdá Onínọ́ńbà Mẹ́ta



1. Ìfáárà

Bí a bá bi àgbẹ̀ kan léèrè ọjọ́ tí yóò fi kọ ebè sí oko rẹ̀ tán, kì í pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó mọ iye ebè tí òun lè kọ lójúmọ́, ó mọ bí oko náà ti fẹ̀ tó, ó sì mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti le tó. Ìrírí ni ó fi ń ṣírò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú kékeré kan ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó, tí ó fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ìlú. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà jẹ́ olùkọ́, akápò rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò, alága rẹ̀ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tí ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ rí láàrin wọn. Síbẹ̀, ìlú ń retí kí wọ́n dá ọjọ́. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó àti ní ìlú òkèèrè, tí wọ́n dá owó jọ, fẹ́ mọ̀ bóyá omi yóò ti máa yọ nígbà tí wọ́n bá wálé ọdún. Àwọn obìnrin tí ó máa ń jí lóru lọ pọn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ mọ̀ bóyá ti ọdún yìí yóò yàtọ̀.

Bí ìgbìmọ̀ náà bá dá ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ọjọ́ náà sì yẹ̀, ìlú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo akápò tìfuratìfura. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó jí kọ́bọ̀ nínú owó náà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n dá ni kò lè sọ bí àìmọ̀ wọn ti pọ̀ tó. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni ọ̀nà tí a fi lè sọ àìmọ̀ yẹn di nọ́ńbà, kí a sì fi dá ọjọ́ tí a lè dúró tì. Ọ̀nà náà ni a óò pè ní ìfojúdá onínọ́ńbà mẹ́ta. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni pé fọ́múlà ibẹ̀ kọ́ ni agbára rẹ̀; agbára rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ń bi àwọn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti nínú mímọ ibi tí fọ́múlà náà ti ń tan ni jẹ.

2. Ibi tí ìlànà náà ti ṣẹ̀ wá

Kì í ṣe ibi tí ìrírí ti pọ̀ ni a ti hu ìlànà yìí, ibi tí kò ti sí ìrírí rárá ni. Ní ọdún 1955, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ọ́fíìsì àkànṣe kan sílẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ wá di ṣíṣe ohun ìjà Polaris, èyí tí a ó máa yìn láti inú ọkọ̀ tí ó ń rìn lábẹ́ omi. Nígbà tí ó di ọdún 1958, Willard Fazar tí ó wà ní ọ́fíìsì náà, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti ilé iṣẹ́ Booz, Allen and Hamilton àti ilé iṣẹ́ Lockheed, ń wá ọ̀nà tí a lè gbà mọ ìgbà tí iṣẹ́ náà yóò parí. Ìṣòro wọn kò yàtọ̀ sí ti ìgbìmọ̀ ìlú tí mo mẹ́nu bà: ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí láyé, nítorí náà kò sí ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè ṣí wò. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà ni òye àwọn ẹnjiníà tí ó fẹ́ ṣe é.

Wọ́n pinnu láti má ṣe béèrè nọ́ńbà kan lọ́wọ́ ẹnjiníà kọ̀ọ̀kan mọ́, bí kò ṣe mẹ́ta: ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà bí gbogbo nǹkan bá rọrùn, ọjọ́ tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó gbà, àti ọjọ́ tí yóò gbà bí nǹkan bá le. Ní ọdún 1959, Malcolm, Roseboom, Clark àti Fazar tẹ àlàyé ìlànà náà jáde, wọ́n sì pè é ní PERT. Bí a bá pe nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní a, m àti b, iye ọjọ́ tí ó yẹ kí a retí ni

(a + 4m + b) / 6

ìwọ̀n tí ó sì ń sọ bí ọjọ́ náà ṣe lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, tí a óò máa pè ní ìwọ̀n ìyapa, ni

(b − a) / 6

Ó yẹ kí a mọ̀ pé wọn kò ti inú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ó ti parí yọ fọ́múlà yìí. Wọ́n nílò ọ̀nà kúkúrú láti inú nọ́ńbà mẹ́ta dé iye ìrètí àti ìwọ̀n ìyapa. Wọ́n yan ìrísí ìpín kan tí ó bá èrò wọn mu, wọ́n sì gbà pé àlàfo tí ó wà láàrin a àti b tó ìwọ̀n ìyapa mẹ́fà. Clark fúnra rẹ̀ tún ṣàlàyé ìdí yíyàn yìí ní ọdún 1962, ní ọdún 1964 sì ni MacCrimmon àti Ryavec yẹ fọ́múlà náà wò fínnífínní, wọ́n sì fi àṣìṣe tí ó lè wọ inú rẹ̀ hàn.

Wọ́n yin Polaris láti abẹ́ omi fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ọpẹ́ rẹ̀ fún PERT. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí Harvey Sapolsky kọ lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1972, ó fi hàn pé ìlànà náà ran ọ́fíìsì náà lọ́wọ́ láti mú kí àwọn tí ó ń fún un lówó gbà á gbọ́, ju bí ó ti darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Fọ́múlà lè mú kí ọ̀rọ̀ dà bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lójú ènìyàn láìjẹ́ pé àwọn nọ́ńbà tí a kó sínú rẹ̀ dára.

3. Bí a ṣe ń bi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Báwo wá ni nọ́ńbà ṣe lè dára bí kò bá sí ìrírí? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé kò wọ́pọ̀ kí ìrírí má sí rárá. Ìgbìmọ̀ wa kò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ rí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ya iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, a óò rí i pé apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jọ iṣẹ́ ẹnì kan tí ó wà nítòsí. Bíríkìlà ìlú kò tíì kọ́ òpó táńkì rí, ṣùgbọ́n ó ti da kankéré nínú òjò. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ gbẹ́ kànga mọ ibi tí àpáta ti súnmọ́ òkè. Awakọ̀ típà mọ iye ọjọ́ tí ọ̀nà kì í ṣeé gbà lẹ́yìn òjò ńlá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ béèrè pé, "Kànga ẹ̀rọ yóò gbà tó ọjọ́ mélòó?" A ó máa ya iṣẹ́ náà títí tí apá kọ̀ọ̀kan yóò fi kan ẹni tí ó ti ṣe ohun tí ó jọ ọ́ rí.

Ìdáhùn kejì kan ètò ìbéèrè. Bí a bá kọ́kọ́ béèrè m, nọ́ńbà yẹn yóò di òpó tí a so èrò ènìyàn mọ́. Bí a bá wá béèrè b, yóò kàn fi ọjọ́ díẹ̀ lé e ni. Tversky àti Kahneman ṣàlàyé irú ìsomọ́lẹ̀ èrò bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí wọn ti ọdún 1974. Nítorí náà, b ni kí a kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà a, kí m kẹ́yìn. A kò sì ní béèrè b bí nọ́ńbà lásán. Ohun tí ó lè fa ìdádúró ni a óò kọ́kọ́ béèrè, kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ akọ̀wé pẹ̀lú bíríkìlà lè lọ báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ó lè mú kí òpó táńkì yìí pẹ́?"
"Òjò ni. Bí òjò bá bọ́ sí i, típà kò ní lè gbé yanrìn dé ibẹ̀."
"Ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?"
"Ó ṣẹlẹ̀ níbi ilé kan tí mo kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi jókòó."
"Yàtọ̀ sí òjò ńkọ́?"
"Owó irin. Bí wọn kò bá tètè san owó irin, ẹni tí ó ń tà á yóò gbé e fún ẹlòmíràn."

Nígbà tí wọ́n bá ti ka àwọn ìdí wọ̀nyí tán ni akọ̀wé yóò tó béèrè pé, bí méjèèjì bá pàdé, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà? Nọ́ńbà tí ó bá jáde báyìí ní ìdí lẹ́yìn. Ohun kan náà ni a óò ṣe fún a: kí ni ó wà tí ẹnikẹ́ni kò lè mú yá? Nínú iṣẹ́ òpó táńkì, kankéré ni. Ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí a bá dà á ni àwọn ẹnjiníà fi ń wọn agbára rẹ̀, kò sì bọ́gbọ́n mu kí a gbé táńkì tí omi kún inú rẹ̀ lé e ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tí ó bá sọ pé a jẹ́ 20 fún irú òpó bẹ́ẹ̀ kò tíì ronú kan iṣẹ́ náà.

Ìdáhùn kẹta jẹ mọ́ àṣà wa. Nínú ìpàdé ìlú, bí àgbà bá ti sọ pé, "Oṣù méjì ti tó," ta ni ọmọdé tí yóò sọ pé mẹ́rin ni? Ọ̀wọ̀ yóò wá di ohun tí ó ń bo ìmọ̀ mọ́lẹ̀. Kí a má baà ba ọ̀wọ̀ jẹ́, ohun tí ó dára ni kí oníkálukú kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sínú ìwé pélébé kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí akọ̀wé lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà ẹni méjì bá jìnnà síra, a kò ní yára pín in sí méjì. A óò béèrè ohun tí ọ̀kan mọ̀ tí èkejì kò mọ̀.

4. Kànga ẹ̀rọ kan ní agbègbè Ìkọ̀lé

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí mo ṣètò fún àlàyé, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ti rí ni mo tẹ̀ lé. Abẹ́ ilẹ̀ àríwá Èkìtì jẹ́ àpáta líle tí ó ti wà láti ìgbà láéláé. Omi kì í wà káàkiri inú irú àpáta bẹ́ẹ̀. Inú ìpele òkè tí ó ti jẹrà, àti inú ibi tí àpáta ti sán ni ó máa ń wà. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wádìí abẹ́ ilẹ̀, tí a kì í sì í kọ́ òpó táńkì kí a tó mọ̀ dájú pé omi wà, pé ó sì pọ̀ tó.

Ká sọ pé ìgbìmọ̀ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀. Apá márùn-ún ni wọ́n ya iṣẹ́ náà sí, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Gbogbo ọjọ́ ni a kà, títí kan ọjọ́ Àìkú.

Ìwádìí abẹ́ ilẹ̀: a = 4, m = 7, b = 16. Iye ìrètí: 8.
Gbígbé ẹ̀rọ wá àti gbígbẹ́ kànga: a = 3, m = 8, b = 31. Iye ìrètí: 11.
Fífọ kànga, dídán agbára rẹ̀ wò àti yíyẹ omi wò: a = 5, m = 9, b = 19. Iye ìrètí: 10.
Òpó táńkì: a = 40, m = 45, b = 80. Iye ìrètí: 50.
Pọ́ńpù, sólà àti páìpù: a = 4, m = 8, b = 24. Iye ìrètí: 10.

Ẹ wo ìlà kejì. Gbígbẹ́ kànga gan-an kò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ bí ẹ̀rọ bá ti dé orí ilẹ̀. Ohun tí ó gbé b dé 31 ni ìrìn ẹ̀rọ náà: ọkọ̀ tí ó gbé e wúwo, ọ̀nà ilẹ̀ pupa kì í gbà á lẹ́yìn òjò, ẹni tí ó ni ín sì lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ tí ó tóbi ju tiwa lọ. Bí a kò bá béèrè ìdí, a kò ní mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni ewu iṣẹ́ yìí wà, pé kì í ṣe inú kànga.

Bí a bá ro gbogbo m pọ̀, a óò rí 77. Nọ́ńbà yìí ni ìgbìmọ̀ tí ó ń béèrè ẹyọ kan ṣoṣo ìbá kéde, iṣẹ́ ìbá sì parí ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n bí a bá ro iye ìrètí pọ̀, 89 ni yóò jáde, èyí tí í ṣe ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá. Ìyàtọ̀ ọjọ́ méjìlá yìí kò ti ọwọ́ ọ̀lẹ wá. Ó wá láti inú pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fi púpọ̀ pẹ́ ju m lọ, ṣùgbọ́n kò lè fi ju díẹ̀ lọ yá ju m lọ.

Iye ìrètí kì í ṣe ọjọ́ tí a lè ṣèlérí, nítorí pé iṣẹ́ lè kọjá rẹ̀ bí ó ti lè ṣáájú rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ ọjọ́ tí yóò bá a mu nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìlànà PERT ní kí a fi ara ìwọ̀n ìyapa kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí a ro wọ́n pọ̀, kí a sì wá nọ́ńbà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí ó fi jẹ́ àpapọ̀ náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ohun tí a rí ni nǹkan bí 9.3. Bí a bá mú ìlọ́po 1.3 rẹ̀, ó jẹ́ ọjọ́ 12. A fi kún 89, ó di 101. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá nìyẹn. Ìṣirò náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí a lè dúró lé.

5. Ibi tí fọ́múlà ti ń tan ni jẹ

Ohun mẹ́ta ni ó lè mú kí ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá náà jẹ́ ẹ̀tàn fún àwọn tí kò ní ìrírí.

Àkọ́kọ́ ni pé àlàfo tí ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ láàrin a àti b kì í fẹ̀ tó. Ní Yunifásítì Harvard, Alpert àti Raiffa ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìwọ̀n ìsàlẹ̀ àti ti òkè fún àwọn ohun tí wọn kò mọ̀ dájú, lọ́nà tí ìdáhùn kò fi ní bọ́ síta ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bọ́ síta. Ẹni tí ó bá ní òun ti ronú kan ìpẹ̀kun kò tíì dé ìpẹ̀kun. Àtúnṣe kan wà tí Moder àti Rodgers dábàá ní ọdún 1968: kí a má ṣe pe b ní ìpẹ̀kun, kí a pè é ní ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò kọjá lẹ́ẹ̀kan nínú ogún, kí a sì pín àlàfo náà sí nǹkan bí 3.2 dípò 6. Iye ìrètí kò yí padà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìyapa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nínú àpẹẹrẹ wa, 9.3 di nǹkan bí 17.5, ọjọ́ ìlérí sì bọ́ sí ọjọ́ 112, tí í ṣe ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá.

Èkejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìṣirò tí a ṣe lókè gbà pé bí apá kan bá pẹ́, òmíràn lè yá, kí wọ́n sì gba ara wọn là. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ará ìlú sọ fún wa nígbà tí a béèrè ìdí? Òjò ni awakọ̀ ẹ̀rọ dárúkọ, òjò ni bíríkìlà dárúkọ. Owó tí kò tètè dé ni bíríkìlà dárúkọ, òun náà ni ẹni tí ó ń ta sólà dárúkọ. Òjò kan náà ni yóò dá gbogbo wọn dúró. Àpò kan náà ni gbogbo wọn yóò ti gbowó. Nígbà tí ìdí bá jẹ́ ọ̀kan, apá kan kò lè gba èkejì là. Nígbà náà, a kò ní sọ ìwọ̀n ìyapa di púpọ̀ mọ́. A óò kàn rò wọ́n pọ̀ bí wọ́n ti wà ni. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe ti àkọ́kọ́, àpapọ̀ ìwọ̀n ìyapa di nǹkan bí 35.6, ọjọ́ ìlérí sì di 135: ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá. Òtítọ́ wà láàrin ọjọ́ 6 àti ọjọ́ 29 oṣù náà, ṣùgbọ́n bí ìdí tí ó dọ́gba ti ń pọ̀ sí i nínú ìwé akọ̀wé ni ó ń súnmọ́ ọjọ́ 29. Ẹ ó rí i báyìí pé bí a kò bá kọ ìdí sílẹ̀, a kò lè mọ irú ìṣirò tí ó yẹ kí a ṣe.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí kò yẹ kí ó wọ inú nọ́ńbà mẹ́ta rárá. Nínú àpáta bíi tiwa, a lè gbẹ́ kànga kí a má bá omi tí ó tó. Ó lè wu ènìyàn láti fi ewu yìí kún b ìlà kejì. Àṣìṣe ni. Ìdádúró òjò máa ń pọ̀ tàbí kí ó kéré, ṣùgbọ́n kànga gbígbẹ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá gbẹ, a óò tún wádìí ilẹ̀, a óò tún gbẹ́ òmíràn: ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 11, tí í ṣe 19, ni yóò lé lórí iye ìrètí wa. Bí a bá ní ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin, tí a sì fi ìdá mẹ́rin 19 kún 89, a óò rí nǹkan bí 94. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 94 kò bá ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì mu: bí omi bá wà, 89 ni a óò retí, bí kò bá sí, 108 ni. Ohun tí ó tọ́ ni kí ìgbìmọ̀ kéde ọjọ́ méjì fún ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ya owó kànga kejì sọ́tọ̀. Bí kànga àkọ́kọ́ bá gbẹ, ọjọ́ ìlérí yóò bọ́ sí àárín oṣù Kìíní, ẹ̀ẹ̀rùn yóò sì ti mú. Ó sàn kí ìlú mọ èyí ní oṣù Kẹjọ ju kí wọ́n gbọ́ ọ lójijì ní ọjọ́ tí wọ́n ti sè fún ayẹyẹ.

Àmì kan wà tí a lè fi mọ ìfojúdá tí kò ní èrò nínú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí àlàfo láàrin a àti m bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó wà láàrin m àti b ní gbogbo ìlà, a jẹ́ pé ẹnì kan kàn mú nọ́ńbà kan, ó yọ díẹ̀, ó sì fi díẹ̀ kún un ni. Bákan náà ni bí b bá jẹ́ ìlọ́po méjì m níbi gbogbo. Iṣẹ́ gidi kì í rí bẹ́ẹ̀; iṣẹ́ kankéré àti ìrìn ẹ̀rọ kò lè ní ìrísí kan náà.

6. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tí apá àkọ́kọ́ bá parí ni àìnírìírí bẹ̀rẹ̀ sí í dópin. Ká sọ pé ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ tí a retí pé yóò gba ọjọ́ 8 gba 14. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ yóò fi ọjọ́ 6 kún ọjọ́ ìparí, wọn yóò sì máa lọ. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àwọn yóò fi ìyára gbà á padà. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì bí a kò bá tíì béèrè ìdí.

Bí ó bá jẹ́ pé ara ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ wádìí ni kò yá, ìdí náà kò kan ẹlòmíràn. Ọjọ́ 6 ni a óò fi kún un, nọ́ńbà yòókù yóò sì dúró bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni ó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, ọkọ̀ kékeré ni tirẹ̀. Ọkọ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́-kànga wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nígbà náà, a óò padà lọ bá awakọ̀ náà àti bíríkìlà, a óò sọ ohun tí a rí fún wọn, a óò sì ní kí wọ́n tún nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn sọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n pè ní b ní oṣù Kẹjọ ni yóò di m wọn báyìí. Èyí kì í ṣe ìtìjú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ó di ìrírí fún èyí tí ó kù.

Nítorí náà, kí akọ̀wé máa kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà mẹ́ta tí a fojú dá, ìdí tí a dárúkọ, ọjọ́ tí iṣẹ́ gbà ní tòótọ́, àti ìdí tí ó fà á gan-an. Ìwé kékeré yìí ni ìlú kejì yóò wá yá nígbà tí ó bá fẹ́ gbẹ́ tirẹ̀, kì í sì í ṣe fọ́múlà ni wọn yóò kọ́kọ́ wò níbẹ̀, bí kò ṣe ìdí.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àwọn tí ó hu ìfojúdá onínọ́ńbà mẹ́ta hù ú nítorí pé wọn kò ní ìrírí, àti pé fọ́múlà rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n yàn fún ìrọ̀rùn. A ti rí i pé nọ́ńbà tí kò ní ìdí lẹ́yìn kò wúlò, pé b ni kí a kọ́kọ́ béèrè, pé ẹni tí ó ti ṣe ohun tí ó jọ iṣẹ́ náà ni kí a bi, àti pé kí ọ̀wọ̀ àgbà má ṣe di ìdènà fún ìmọ̀ ọmọdé. Lójú àwọn nọ́ńbà kan náà, a ti rí ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá fún ẹni tí ó béèrè nọ́ńbà kan, ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá fún ẹni tí ó gba fọ́múlà gbọ́ láìwádìí, ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá fún ẹni tí ó mọ̀ pé àlàfo ènìyàn kì í fẹ̀ tó, àti ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá fún ẹni tí ó rí i pé òjò kan náà ni yóò pa gbogbo wọn.

Bí ìgbìmọ̀ náà bá wá bi mí léèrè ọjọ́ tí wọn yóò kéde, n óò ní kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ ìlú pé, bí kànga àkọ́kọ́ bá lómi, kí wọ́n múra àtimu omi rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Bí kò bá lómi, kí wọ́n retí rẹ̀ ṣáájú òpin oṣù Kìíní. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ yóò ti lè sọ fún wọn èwo ni nínú méjèèjì.